Fọ́tò tí a fi fóònù pààrọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀: ibo ni ọ̀fẹ́ ń parí sí?

Màmá Gèlè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Fọ́tò tí a yà nínú ọgbà ni mo fi áàpù ọ̀fẹ́ gé, mo wá fi ẹ̀yìn aláwọ̀ wúrà sí i. Lójú fóònù, kò lábùkù. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta ní ínǹṣì 8 sí 10, ojú ṣe bàìbàì, etí gèlè sì rí bí ohun tí eku jẹ. Ṣé ẹ̀rọ onífọ́tò ni kò dáa ni?

Báyọ̀ Atẹ̀fọ́tò: Ẹ má tíì bá onífọ́tò jà. Ẹ ṣí fọ́tò tí ẹ gé yẹn, ẹ tẹ Details, nọ́ńbà méjì wo lẹ rí?

Màmá Gèlè: 433 × 577.

Báyọ̀ Atẹ̀fọ́tò: Ẹjọ́ ti parí. Fọ́tò tó jẹ́ 3000 × 4000 ló máa ń di iye yẹn bí ẹ bá fi remove.bg yọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. 0.25 mẹ́gápíkísẹ́lì, ìyẹn 250,000 píkísẹ́lì, àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò, ni wọ́n ń fúnni, èyí tó tóbi di olówó. Ẹ wá pín 577 sí ínǹṣì 10, kò pé 58 píkísẹ́lì fún ínǹṣì kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 300 ni ìwé fọ́tò ń fẹ́. 150 náà ṣì ṣeé fojú fò. Ojú fóònù kéré, òun ló bo àṣírí yẹn. Pásípọ́ọ̀tù mílímítà 35 sí 45 nìkan ni fọ́tò yín tó fún.

Sọ̀rọ̀sókè: Kí wọ́n fi áàpù tó ń sọ fọ́tò di ńlá fẹ̀ ẹ́ padà sí 4000, ó tán.

Báyọ̀ Atẹ̀fọ́tò: Ṣé kò ní dá ihò léèsì tí télọ̀ kò rán sílẹ̀? Àbá ló ń dá, kò rántí nǹkan kan.

Sọ̀rọ̀sókè: Fún WhatsApp, ta ni yóò ka ihò léèsì?

Táyé Káfé: Ẹ tún yẹra fún fífi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán. WhatsApp á tún fún un kéré. Document ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá sì fi JPG pa á mọ́, ibi tí ẹ gé yóò di funfun tàbí dúdú. PNG ló ń jẹ́ kí ó ṣófo.

Ìyálóde Onífóònù: Ẹni tó bá ní iPhone XS tàbí XR lọ sókè, pẹ̀lú iOS 16 tàbí èyí tó tuntun jù ú lọ, kó tẹ ènìyàn inú fọ́tò mọ́lẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi yí i ká, kó yan Copy. Kò san kọ́bọ̀. Àmọ́ bó bá gé etí gèlè dànù, kò sí búrọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ láti fi dá a padà.

Ọmọ Tẹ́kínọ̀: Gbogbo wa kọ́ ni ọlọ́lá o, Ìyálóde 😂

Màmá Gèlè: Ẹ jọ̀ọ́, etí gèlè mi ńkọ́?

Báyọ̀ Atẹ̀fọ́tò: Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ píkísẹ́lì nìkan. Áàpù gbọ́dọ̀ pinnu bóyá píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ènìyàn tàbí ti ẹ̀yìn. Níbi irun tó ta jáde, léèsì oníhò àti etí gèlè tó fẹ́lẹ́, méjèèjì ló dàpọ̀ lójú kan. Ó lè gé e dànù, ó sì lè dá a sí pẹ̀lú àwọ̀ ewé ọgbà tó ti tàn mọ́ ọn lára. Lórí funfun ẹ ò ní rí i. Ẹ fi ẹ̀yìn pupa sí i fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ dé etí: ìlà ewé yẹn á yọjú. Ibi tí ẹ ti ń ya fọ́tò ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró ní mítà kan àbọ̀ sí ògiri tí àwọ̀ rẹ̀ kò jọ ti gèlè, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kọjú sí yín. Ẹ pa Portrait inú kámẹ́rà, torí ó ń sọ etí irun di bàìbàì kí áàpù tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ̀ ẹ́ gan-an, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré dá ohun tó gé ní àṣìṣe padà.

Dúró Ṣinṣin: Ṣé mo lè fi ṣe fọ́tò DV, lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà? 600 × 600 ni wọ́n ní, kò sì gbọ́dọ̀ ju 240 KB lọ.

Táyé Káfé: Gbogbo káfé ló ń fi funfun sẹ́yìn.

Ìyálóde Onífóònù: Wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ yí ìrísí ènìyàn padà. Bí áàpù bá gé etí rẹ, ìrísí rẹ ti yí nìyẹn.

Táyé Káfé: Ẹ̀yìn kì í ṣe ìrísí.

Ìyálóde Onífóònù: Etí ńkọ́?

Ọmọ Tẹ́kínọ̀: Ẹ ta aṣọ ìbùsùn funfun sí ògiri. Kò gba dátà.

Màmá Gèlè: Mo ti rí ìlà ewé yẹn lórí pupa. Yéè! Mo máa lọ yà á tuntun lẹ́bàá fèrèsé.