Àbọ̀ rèé: owó àìlera tí wọn ò fẹ́ fún mi ní Àmẹ́ríkà

Ìbéèrè mi nígbà yẹn: “Ẹ̀yìn ò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mọ́ ní Houston. Dókítà kọ̀wé pé mo ti di aláìlera, síbẹ̀ àwọn Social Security, àjọ ìjọba tó ń san owó àìlera, ní àwọn ò fún mi lówó. Kí ni kí n ṣe?”

Wọ́n ti gbà. Ìmọ̀ràn màmá nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn nígbà yẹn ló ṣiṣẹ́: ọ̀rọ̀ “aláìlera” lásán ò tó wọn, ohun tí ara mi ṣì lè ṣe ni wọ́n ń wò. Dókítà tún un kọ: ìjókòó, 20 ìṣẹ́jú kí n tó dìde, ìdúró, 15, ẹrù, kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 10 lọ, àìlera náà yóò sì ju oṣù 12 lọ. Mo fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ 60 tí wọ́n fún mi láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó pé. Pé mo ti pé ọmọ ọdún 56 náà ràn mí lọ́wọ́.

Bùrọ̀dá tó ní bí ìrora bá ṣe pọ̀ lowó ń pọ̀, ìdajì ló mọ̀. Wọ́n béèrè ìrora, àmọ́ owó tí mo ti gbà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣírò. Ìpíndọ́gba owó iṣẹ́ mi lóṣù jẹ́ 3,000 dọ́là. Ní 2024 tí àìsàn dá mi dúró, wọ́n mú 90% nínú 1,174 àkọ́kọ́, ìyẹn 1,056.60, wọ́n wá mú 32% nínú 1,826 tó kù, ìyẹn 584.32. Wọ́n gé sẹ́ǹtì 2 kúrò, ó ku 1,640.90 lóṣù. Oṣù 5 àkọ́kọ́ ò lówó o!

Àǹtí tó ń bi mí nípa pẹ́ńṣàn ìyá wọn n'Ìbàdàn, ti ibẹ̀ yàtọ̀. Ìpín ọmọ mi kékeré nínú owó àìlera mi ni wọn ò tíì dáhùn. Ẹ ṣeun.