Ṣé "ìpàdánù" ni tọ́nófà, àbí kí ni ká kọ sínú ìwé kóòṣì?

Kóòṣì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀yin àgbà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní básíkẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ kí ìwé tí a fi ń ṣọ́ eré wa jẹ́ Yorùbá. Mo pe tọ́nófà, ìyẹn kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ wa sọ́wọ́ ọ̀tá, ní "ìpàdánù", mo sì pe ìgbà tí ẹni tó ń dènà bá jẹ́ kí àwọn ọ̀tá ráyè jẹ ayò ní "ìfojúfò". Nínú eré tó kọjá, ọmọ tó ń fagi sínú ìwé kó ìpàdánù 34 wá fún mi. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ni kò dáa, àbí àwọn ọmọ mi?

Ọmọ Akẹ̀sán:
Ọ̀rọ̀ náà ni o. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó ló pàdánù. "Àsọnù" ni kẹ́ ẹ kọ. *Ì-* ń sọ nípa ṣíṣe é, *à-* ń sọ nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán, ohun tó sì ti ṣẹlẹ̀ tán lẹ fẹ́ kà. Irú nǹkan báyìí kò ṣòro fáwọn tó kọ́ wa ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́.

Jókòó-ti-Tábìlì:
Ọmọ Akẹ̀sán, àsọnù yín á bí ìṣòro kan náà. Kóòṣì, ẹ bi ọmọ yẹn bóyá ó ń fagi nígbà tí bọ́ọ̀lù kò bá wọ àwọ̀n.

Kóòṣì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun sà. Mo bi í. 19 nínú 34 jẹ́ bọ́ọ̀lù tí a jù tí kò wọlé. Ó ní ṣebí a pàdánù rẹ̀ náà ni.

Jókòó-ti-Tábìlì:
Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bọ́ọ̀lù tí a jù tó tàsé, abẹ́ jíjù ni ká kọ ọ́ sí, kódà bí àwọn ọ̀tá bá gbá a mú lábẹ́ àwọ̀n. Tọ́nófà ni kí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ jù ú rárá. Ẹ ò tilẹ̀ rí àǹfààní láti jù ú. Nítorí náà 15 ló kù.

Ẹ má sì da 15 yẹn pọ̀. Ọ̀nà kan ni kí wọ́n já a gbà lọ́wọ́ yín kí eré ṣì máa lọ. Èkejì ni kí fèrè gbà á: ọmọ gbé bọ́ọ̀lù rìn láìlù ú nílẹ̀, ó tẹ ìlà, ó kọ lu ẹni tó dúró sójú kan láti dènà, tàbí ìṣẹ́jú àáyá 8 pé kẹ́ ẹ tó sọdá ìdajì pápá. Tí fèrè bá dún, àwọn ọmọ yín á ráyè padà sẹ́yìn. Tí wọ́n bá já a gbà, ẹnì kan ló máa ń dá sá lọ síbi àwọ̀n yín. Mo dábàá "àjágbà" àti "àfèrègbà". Kí ọmọ yẹn má fagi mọ́, kó kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ ẹni tó ṣe é, àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Kóòṣì, Ògbómọ̀ṣọ́:
A jókòó ti fídíò náà. Àjágbà 9, àmì ayò 14 ni wọ́n jẹ níbẹ̀. Fèrè 6, 3 péré ni wọ́n jẹ. Nínú 9 yẹn, 6 jẹ́ bọ́ọ̀lù tí a fún ara wa ní ìdábùú pápá, láti ọ̀tún sósì, lọ́wọ́ nọ́ńbà 7. Bó ṣe máa ń lù ú ni mo rò pé kò dáa, bí wọ́n ṣe ń lu bọ́ọ̀lù nílẹ̀ nìkan ni mo sì ń kọ́ ọ.

Màmá Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́:
Bàbá mi máa ń ta ayò níwájú ilé. Wọn kì í ní ọmọ ayò sọnù, "ó jẹ ẹ́" ni wọ́n ń wí. Kí ló dé tí ẹ ò kọ "àjẹ"? Ọmọ mi náà ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n tẹlẹsẹ̀ ni.

Jókòó-ti-Tábìlì:
Ẹ kú àdúrótì, Màmá. Ọmọ ilé-ìwé tí kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀ á kọ ọ́, kóòṣì á sì kà pé àjẹ́ 9 wà nínú ẹgbẹ́.

Ọmọ Akẹ̀sán:
"Àfèrègbà" ńkọ́? Níbo ni *fi* wọlẹ̀ sí? *Fi* àti *ọwọ́* lè di *fọwọ́* torí fáwẹ̀lì pàdé fáwẹ̀lì. *Fèrè* kò fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. "Àfifèrègbà" ni, bó tiẹ̀ ń há ẹnu.

Jókòó-ti-Tábìlì:
Àpótí kékeré ló wà nínú ìwé yẹn, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Akẹ̀sán:
Ẹ fẹ àpótí, ẹ má gé èdè. "Ìfojúfò" ńkọ́? Ẹni tó fojú fo nǹkan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ fẹ́ fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ.

Kóòṣì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀yin àgbà, èyí ló ń yọ mí lẹ́nu jù. Ọmọ wa tó sún mọ́ ọ̀tá tó jẹ ayò jù ni ọmọ yẹn ń kọ ìfojúfò sí lọ́rùn.

Jókòó-ti-Tábìlì:
Ẹni yẹn lè jẹ́ ẹni tó sáré wá ran èkejì lọ́wọ́ o! Tí ẹ bá yan ọ̀tá kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó ń ṣọ́ ta sójú ìwé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ààyè ni oníkálukú ń ṣọ́, àárín ààyè méjì máa ń fa àríyànjiyàn. Kí ọmọ náà kọ àkókò tó ṣẹlẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ fúnra yín wo fídíò.

Ọmọ Akẹ̀sán:
Ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ *fi*.