Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí màmá mi: bí a ṣe lè kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún alásè, kí ó sì tó 40 èèyàn

Ọmọ Ìjòkà, Mánṣẹ́sítà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọkọ mi yóò pé ẹni 50 ọdún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, a sì ń retí 40 èèyàn. Obìnrin tí yóò bá wa dáná ní gbọ̀ngàn náà kò gbọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi ti ní ọbẹ̀ ẹ̀gúsí màmá mi ni òun fẹ́ jẹ, nítorí náà mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Màmá wà ní Àkúrẹ́, wọ́n sì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Bí wọ́n ṣe kà á nìyí: ẹ̀gúsí lílọ̀ agolo mílíìkì 3, kí ó ga, epo agolo 1, irú ẹ̀kúnwọ́ kan, edé díẹ̀, ata rodo 4, tàtàṣé 5, àlùbọ́sà ńlá 2, ṣọkọ ìdì 3, omi ẹran agolo 4, iyọ̀ níwọ̀nba. Wọ́n ní èèyàn 8 ni yóò jẹ ẹ́ yó.

Mo ti kọ ẹ̀gúsí sí "melon seed", mo kọ irú sí "locust bean", mo kọ edé sí "crayfish", mo sì sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 5. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́.

Ọmọ Oǹdó, Tòróńtò

Èmi kò rí àléébù kankan níbẹ̀. Bí a bá pín 40 sí ọ̀nà 8, 5 ni yóò jẹ́, nítorí náà ohun gbogbo gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 5, iyọ̀, omi àti epo pẹ̀lú. Agolo mílíìkì kò sì yàtọ̀ sí ife tí àwọn ará ibí fi ń wọn nǹkan. Kọ "15 cups" sí iwájú ẹ̀gúsí, yóò yé e.

Ìyá Alásè, Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ Ìjòkà, má tíì fi ránṣẹ́. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń dáná fún àríyá níhìn-ín, orúkọ nǹkan sì ń kó bá mi ju ìṣirò lọ. Jẹ́ kí a mú edé ṣáájú. Lọ́dọ̀ àwọn ará ibí, "crayfish" ni ẹran inú odò kan tí ó ní ọwọ́ bíi ti alákàn, wọ́n sì ń tà á ní bíbọ̀ nínú omi iyọ̀. Nígbà kan, ọmọkùnrin tí mo rán lọ sí ọjà kó ike márùn-ún rẹ̀ wá fún mi, ó ń kán tótó, ó ní ohun tí mo kọ sínú ìwé ni òun rà. Kò parọ́. Láti ọjọ́ náà, "dried shrimp, ground" ni mo ń kọ. Ìdí mìíràn wà tí èyí kò fi ṣeé fojú kéré: ẹ̀yà edé àti alákàn wà lára oríṣi 14 tí òfin ibí ní kí àwọn tí ń ta oúnjẹ sọ fún oníbàárà, nítorí àwọn tí ara wọn kò gbà á. Edé lílọ̀ kì í hàn nínú ọbẹ̀. Kọ ọ́ sí òkè pátápátá, kí o kọ ẹja pẹ̀lú bí ẹja bá wà níbẹ̀, kí o sì ka ara bébà kúùbù amọ́bẹ̀dùn rẹ, nítorí àlìkámà máa ń wà nínú àwọn mìíràn.

Irú ló kàn. Bí obìnrin náà bá tẹ "locust bean" sórí fóònù, ó ṣeé ṣe kí "locust bean gum" jáde sí i. Èso igi mìíràn ni wọ́n ti ń rí ìyẹ̀fun yẹn, wọ́n sì fi ń mú kí áísìkiriìmù ki. Kò rùn, kò ta sánsán, kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ọbẹ̀ wa. Kọ "iru (fermented)" bẹ́ẹ̀ gan-an, kí o sì fi kún un pé kò gbọdọ̀ fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bi Màmá bóyá irú wooro ni àbí irú pẹ̀tẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ̀gúsí náà, "egusi" ni kí o kọ, nítorí "melon seed" lè mú un ra kóró bàrà òyìnbó.

Ọmọ Oǹdó, ife tí ẹ ń sọ yẹn tó nǹkan bíi mìlílítà 240. Agolo mílíìkì kéré sí i dáadáa. Bí ó bá wọn ife 15, ọbẹ̀ náà yóò dì bí èkuru. Ṣé kò sí ẹni tí ó lè bá wa wọn agolo Màmá gan-an nílé?

Bàbá Òkè Àró, Húsítọ̀nù

Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni a ń fi ọbẹ̀ wa ṣe lọ́wọ́ Òyìnbó? Kò sí elúbọ́ tàbí iyán oníyẹ̀fun tí ó lè dà bí iyán tí a fi odó gún. Nígbà tí ọmọ mi ṣe ìgbéyàwó, a ra iyán oníyẹ̀fun fún 100 èèyàn, ìdajì rẹ̀ ni a dà nù, nítorí ìrẹsì ni gbogbo wọn kọjú sí. Ẹ gún iyán yín fúnra yín.

Ọmọ Ìjòkà, Mánṣẹ́sítà

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ọbẹ̀ ni mo béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìrẹsì tí ẹ sọ yẹn kàn mí, torí ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ náà yóò wà. Mo ti pe àbúrò mi.

Àbúrò, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo yá síkéèlì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ṣe kéèkì, mo sì jókòó ti Màmá ní ilé ìdáná. Mo fi agolo lófìfo sí orí rẹ̀, mo dá síkéèlì padà sí òdo, mo wá bu omi kún un dé etí: gíráàmù 170. Ẹ̀gúsí lílọ̀ tí Màmá fi ọwọ́ ara wọn bù jẹ́ gíráàmù 110, wọ́n kó o jọ ṣóńṣó bí òkè, wọn kò sì jẹ́ kí n fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀. Irú pẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ̀kúnwọ́ wọn jẹ́ gíráàmù 45. Nígbà tí mo bu ti tèmi, ó lé ní 70, wọ́n ní ọwọ́ mi kò mọ irú. Edé "díẹ̀" jẹ́ ṣíbí ọbẹ̀ 3 tí ó kún, gíráàmù 20.

Ìyá Alásè, Lọ́ńdọ̀nù

Olúwa yóò bù kún ọ. A ti rí ohun tí a lè fi ṣírò báyìí. Ẹ̀gúsí Màmá jẹ́ gíráàmù 330 fún èèyàn 8, èyí tí yóò di 1,650 fún 40. Irú di 225, edé di 100. Àwọn mẹ́ta yìí ń tẹ̀ lé iye èèyàn láìyà. Ata pẹ̀lú ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ata rodo ibí kì í ta bákan náà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí náà 12 ni kí ó lọ̀ dípò 20, kí o fi 8 yòókù sílẹ̀ títí ẹ ó fi tọ́ ọ wò.

Epo kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí ìkòkò ni epo tí a fi ń dín ata ń tẹ̀ lé. Ìlọ́po 5 agolo kan jẹ́ mìlílítà 850, ṣùgbọ́n 600 yóò tó láti dín in, bí ojú ọbẹ̀ bá sì ṣì gbẹ lẹ́yìn tí ẹ̀gúsí ti jinná, ẹ lè fi kún un. Omi tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agolo 4 lọ́nà 5 jẹ́ lítà 3.4. Ìkòkò kékeré Màmá gbòòrò ju ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ, nítorí náà omi ń tètè gbẹ; ìkòkò ńlá tí ó jìn kì í gbẹ bẹ́ẹ̀, àfi kí o rí ọbẹ̀ tí ó ń ṣàn káàkiri àwo. Lítà 2.5 ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀.

Má ṣe jẹ́ kí ó se gbogbo rẹ̀ nínú ìkòkò kan. Tí ẹran àti ẹ̀fọ́ bá wọ inú rẹ̀, ọbẹ̀ yẹn yóò lé ní lítà 12, ẹ̀gúsí tí ó wà nísàlẹ̀ yóò sì jóná kí ti òkè tó hó. Ìkòkò méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 10 ni kí ó lò, kí iná má le. Àkókò kì í di ìlọ́po 5 o: bí Màmá bá ń lo ìṣẹ́jú 20, ti ìkòkò wọ̀nyí lè gba 35. Kí ó má fi aago nìkan ṣe é. Kọ ọ́ fún un pé epo yóò léfòó sójú, ẹ̀gúsí yóò dì ní kókó-kókó, òórùn tútù rẹ̀ yóò sì lọ. Lẹ́yìn tí ó bá da ẹ̀gúsí sí i, kò gbọdọ̀ rò ó fún ìṣẹ́jú 10, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kókó yẹn yóò túká.

Ọmọ Oǹdó, Tòróńtò

Mo gbà lórí ife, mo sì gbà lórí omi. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ńkọ́? Bí ọbẹ̀ bá di ìlọ́po 5, tí iyọ̀ kò dé bẹ́ẹ̀, yóò tẹ́ lẹ́nu ni.

Ìyá Alásè, Lọ́ńdọ̀nù

Òótọ́ ni ẹ sọ, iyọ̀ ń tẹ̀ lé e. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé omi ẹran, irú àti kúùbù ti ní iyọ̀ tiwọn, a kì í sì í yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀. Mo máa ń fi ìlọ́po 4 sí i, màá sì fi ìkan yòókù sínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná títí yóò fi ku ìṣẹ́jú 5. Ní ti ìrẹsì tí Bàbá mẹ́nu bà, èmi ì bá se ọbẹ̀ fún èèyàn 30, kì í ṣe 40. Ọkọ mi kò gbà bẹ́ẹ̀, ó ní ó sàn kí ọbẹ̀ ṣẹ́kù ju kí ó tán lójú àlejò.

Ọmọ Ìjòkà, Mánṣẹ́sítà

Mo fi èèyàn 16 dán an wò lánàá. Ìlọ́po méjì ni mo fi ẹ̀gúsí, irú àti edé ṣe, mo sì dín omi kù bí Ìyá Alásè ti wí. Kókó rẹ̀ dì dáadáa. Ẹ̀fọ́ ni ó bà mí jẹ́: n kò rí ṣọkọ, mo lo "spinach" inú yìnyín, omi inú rẹ̀ sì sọ ọbẹ̀ di ọ̀ṣọ̀rọ̀. Àfi ìgbà tí mo fún ìyókù gbẹ nínú aṣọ mímọ́ kí ó tó rí bó ṣe yẹ. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé náà pé lẹ́yìn tí ó bá fún un gbẹ ni kí ó tó wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Nígbà tí mo fi àwòrán ọbẹ̀ náà han Màmá, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní kò ki tó ti ilé. Wọ́n wá rántí pé agolo tí àwọn fi ń bu ẹ̀gúsí nígbà tí a wà ní kékeré ga ju èyí tí àbúrò mi wọ̀n lọ, pé ó ṣì wà nínú yàrá ẹrù níbi kan. Àbúrò mi ń wá a.