Ìlà funfun lórí eyín òkè ọmọ mi, fídà ló sì ń mu sùn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbùkún, Ìbàdàn: Ẹ kú ilé o. Ọmọbìnrin mi pé oṣù 11. Ó ní eyín méjì nísàlẹ̀, mẹ́rin lókè. Fídà ògì tí mo fi mílíìkì àti ṣúgà sí ló ń gbé sẹ́nu sùn. Lánàá mo rí ìlà funfun lẹ́bàá erìgì, lórí eyín òkè méjì tó wà láàárín. Mo nù ún, kò kúrò. Àbúrò ọkọ mi ní kí n máa fi jẹ́ẹ̀lì eyín pa erìgì rẹ̀ kó lè sùn láìsí fídà. Kí ni kí n ṣe?

Màmá Tóbi: Ẹ má dààmú, mílíìkì tó gbẹ ni. Ẹ fi aṣọ funfun wé ìka, ẹ rì í bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi nu ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí mo ṣe ṣe fún Tóbi nìyẹn láti ìgbà tí kò tíì ní eyín kankan. Eyín ọmọdé náà ni, yóò kúkú já.

Nọ́ọ̀sì Eyín: Màmá Tóbi, aṣọ yẹn dáa kí eyín tó hù. Bó bá ti yọ, búrọ́ọ̀ṣì ló kàn. Mílíìkì tó gbẹ ì bá sì ti kúrò nígbà tí ó nù ún. Bí eyín bá fẹ́ẹ́ jẹrà, ó máa ń kọ́kọ́ funfun bí ẹfun, kó tó pọ́n, kó tó lu ihò.

Ìyá Ìbùkún, ẹ wo eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé ó ṣì ń dán. Bí ọmọ bá ń mu fídà, ahọ́n rẹ̀ máa ń bo ti ìsàlẹ̀, itọ́ sì ń fọ̀ ọ́. Eyín òkè ni ògì dídùn ń dúró lé, bó bá sì ti sùn, itọ́ á dín kù, yóò wà níbẹ̀ mọ́jú.

Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì ọmọ ọwọ́ tó rọ̀, àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fulóráìdì. Bíi hóró ìrẹsì kan péré ni kí ẹ fi sí i, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ gbé e lé itan kí orí rẹ̀ fara ti àyà yín, ẹ fi ìka gbé ètè òkè sókè, kí búrọ́ọ̀ṣì kan ibi tí eyín ti pàdé erìgì. Lẹ́yìn ti alẹ́, omi nìkan. Bí kò bá tíì lu ihò, ó lè dúró síbẹ̀ láìburú sí i, ṣùgbọ́n kí dókítà eyín fojú rí i. Ó tó ọdún mẹ́fà sí méje kí eyín yẹn tó já. Bó bá lu ihò, yóò máa dùn ún, ó sì lè ba èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Bàbá Ìbejì: Ilé tèmi náà rí i. Ní oṣù kẹjọ, ara Táyé gbóná, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, gbogbo wa ní eyín ni. Ọjọ́ kẹta la tó gbé e lọ: tẹmómítà ka 39, kòkòrò ibà ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ yára lọ o.

Ìyá Ìbùkún: Ara tirẹ̀ kò gbóná, bàbá. Ẹ ṣé. Eyín ìsàlẹ̀ ń dán lóòótọ́.

Ìyá Àgbà Ẹ̀gbá: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti gbàgbé oògùn eyín Mai Píkín ọdún 2008? Èròjà olóró ló wà nínú rẹ̀, ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́, ó ju 80 lọ tó kú. Láti ọjọ́ náà n kò jẹ́ kí oògùn eyín wọ ilé mi. Egungun adìyẹ ni mo ń fún ọmọ jẹ.

Nọ́ọ̀sì Eyín: Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ti egungun, ó lè fọ́, kó há ọmọ lọ́fun. Aṣọ tútù láti inú fíríìjì (kì í ṣe firísà) ni kó máa rún. Jẹ́ẹ̀lì tó ní bẹnsokéènì, ẹ má lò ó rárá. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ má gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ètè á dúdú.

Ìyá Dára: Báwo la ṣe ń gba fídà lọ́wọ́ wọn? Mo kọ́kọ́ yọ ṣúgà, mo wá ń fi omi la ògì díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́, títí ó fi di omi. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí.

Màmá Tóbi: Kí ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan ló dáa, ẹ fi kọ́ọ̀bù rọ́pò rẹ̀. Alẹ́ mẹ́ta ni Tóbi fi sunkún.

Ìyá Ìbùkún: Mo bẹ̀rẹ̀ ti Ìyá Dára lánàá. Ṣúgà nìkan ni mo yọ, ó tọ́ ọ wò, ó ju fídà sílẹ̀. A ò sùn títí aago méjì. Ọjọ́bọ̀ ni a ń lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.