Ètò ìdána tí wọ́n kọ bíi lẹ́tà, báwo ni mo ṣe máa fi aago sí i?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Wákàtí méjì péré la ní họ́ọ̀lù fún ìdána àbúrò mi, 10:00 sí 12:00, àmọ́ ńṣe ni dádì wa kọ ètò ẹ̀ gbọọrọ, "ẹbí ọkọ á wọlé, lẹ́yìn náà wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ka lẹ́tà, lẹ́yìn náà ìyàwó á wọlé", kò sí aago kankan. Mo ti fa tébù: aago, ìṣẹ́jú, ohun tó ń lọ, ẹni tó ń ṣe é. Mo fi oúnjẹ sí 11:30, mo wá ń kà á padà sẹ́yìn. Ìdọ̀bálẹ̀ ló dà mí láàmú, ìṣẹ́jú 15 ni mo fún un, ṣùgbọ́n ẹ mọ alága ìjókòó tó bá ń gbowó. Ṣé kí n fi ìṣẹ́jú 10 tó ṣófo sábẹ́ ẹ̀ ni àbí kí n tọ́jú ẹ̀ di iwájú oúnjẹ? Àti pé ìyàwó gbọ́dọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó ka lẹ́tà tán, ṣé kí n fún ìyẹn ní ìlà tiẹ̀ nínú tébù ni?