Ẹ gbà mí o, èló ló yẹ kí n ta Kòrólà mi?

Ìyá Tèmi Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, Èkìtì kete. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn ni mo ṣe gbé e wá síbí. Mo fẹ́ ta mọ́tò mi, Tòyótà Kòrólà, torí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, mo wá sọ fún àbúrò ọkọ mi tó wà ní Adó pé kó bá mi wá ẹni tó máa rà á, òun fúnra rẹ̀ ní òun á rà á, inú mi dùn, àfi bó ṣe wo mọ́tò yí ká tán tó ní ₦4,200,000 lòun ní. Ẹ̀yin èèyàn mi, ₦4,200,000! Mọ́tò tí mò ń tọ́jú bí ẹyinjú! Láti ọdún tó kọjá, owó tó ti bọ́ sórí ẹ̀ lé ní ₦1,300,000, mo pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin torí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́ yẹn, mo ra táyà tuntun mẹ́rin, bátìrì tuntun, ràdíétọ̀, mo tún un kùn, ó ń dán. Máílì tó wà lórí ẹ̀ 87,000 péré. Ẹnìkan fi irú ẹ̀ hàn mí lórí fóònù, ₦6,800,000 ni wọ́n kọ sí i. N ò sì lè bá a fa ọ̀rọ̀ torí ọkọ mi kékeré ni, ìyá ọkọ mi náà ti gbọ́, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ fi ọmọ àwọn ṣòwò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ₦6,500,000 pọ̀ jù ni?

Ọmọ Ìjerò
Ẹ má ta á fún ẹbí rárá mà. Èmi ta Siẹ́nà mi fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ó san ìdajì, ó ní tí wọ́n bá kórè kòkó òun á san ìyókù, wọ́n ti kórè kòkó tán wọ́n tún ti kórè òmíràn n ò rí kọ́bọ̀, tí nǹkan kan bá tún bàjẹ́ lára ẹ̀ báyìí èmi náà ni wọ́n ń pè. Àjèjì ni kẹ́ ẹ tà á fún.

Bọ̀dá Ṣíkírù Bàsírì
Ìyá Tèmi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ohun téèyàn fi ń dá iye lé mọ́tò. Kòrólà ọdún wo ni? Ẹ́ńjìnnì tó bá a wá ló ṣì wà níbẹ̀? Gíà ńkọ́, ṣé ó ń wọlé wẹ́rẹ́ àbí ó ń jáni? Éésì ń tutù? Táyà àti ọ̀dà tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn kọ́ ni ẹni tó fẹ́ rà á máa kọ́kọ́ wò.

Dọ́típẹ̀
Kò le rárá. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni iye mọ́tò fi ń dín lọ́dọọdún. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ rà á, ká máa yọ ọ́ kúrò lọ́dọọdún, ibi tó bá já sí nìyẹn. 87,000 kìlómítà sì kéré gan-an, ẹ lè fi nǹkan díẹ̀ lé e.

Ìyá Tèmi Ìkẹ́rẹ́
Máílì ni o, kì í ṣe kìlómítà. ₦2,400,000 ni mo rà á lọ́dún 2017, tòkúńbọ̀ ni, 2012 ni wọ́n pè é fún mi. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wá náà ni, kì í jẹ ọ́ìlì. Ẹ bá mi wo ohun tí ìyá ọkọ mi sọ yẹn ná, ṣé ó dáa?

Dọ́típẹ̀
Ha, ọdún mẹ́jọ, ₦2,400,000, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan nìyẹn o. Àbúrò ọkọ yín ṣe yín lóore gan-an.

Anti Fúnkẹ́ Ọ̀yẹ́
Dọ́típẹ̀ fi ìyá yìí sílẹ̀ jọ̀ọ́, níbo lo ti rí Kòrólà onímílíọ̀nù kan? Ìyá Tèmi, ẹ̀yin náà, Bọ̀dá Ṣíkírù bi yín ní ìbéèrè mẹ́rin, méjì lẹ dáhùn, ẹ tún padà sórí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ. Gíà ńkọ́?

Bọ̀dá Ṣíkírù Bàsírì
Dọ́típẹ̀, ìṣirò rẹ yẹn, ibi tí owó kì í ti í yí padà ló wúlò sí. Lọ́dún 2017 dọ́là kan ò tíì pé ₦600, lọ́dún 2025 ó ti lé ní ₦1,400. Nígbà tí tòkúńbọ̀ bá wọ́n, èyí tó ti ń rìn nílé náà máa gbówó lórí bó tilẹ̀ ń gbó. Iye tí wọ́n rà á ò sọ nǹkan kan mọ́. Iye tí irú ẹ̀ gan-an ń tà *lọ́wọ́lọ́wọ́* la fi ń bẹ̀rẹ̀, mo ní tà, n ò ní iye tí wọ́n kọ sí i lára, torí ẹni tó kọ ₦6,800,000 lè gba ₦6,000,000.

Ìyá Tèmi, ẹ lọ síwájú mọ́tò yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí dírẹ́bà ń jókòó, ẹ wo abẹ́ gíláàsì, ẹ máa rí nọ́ńbà ṣásí, lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 17. Ẹ kà á láti apá òsì, ẹ sọ ohun tó wà ní ìkẹwàá fún mi. Tó bá jẹ́ C, 2012 ni lóòótọ́. Tó bá jẹ́ A, 2010 ni. Tó bá jẹ́ 9, 2009 ni.

Ìyá Tèmi Ìkẹ́rẹ́
9 ni mo rí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún ní kí ọmọ mi kà á. Ẹni tó tà á fún mi fi Ọlọ́run búra pé 2012 ni!

Bọ̀dá Ṣíkírù Bàsírì
Ẹ má bínú mà, ó wọ́pọ̀. Ìdí tí àbúrò ọkọ yín fi dárúkọ iye yẹn ti ń hàn. Láti 2011 ni iwájú Kòrólà náà ti yí padà, iná rẹ̀ àti bọ́ńpà rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń san owó gidi lé e nítorí ojú tuntun yẹn. Èyí tí wọ́n fi hàn yín lórí fóònù, ojú tuntun ni, mo fi dá yín lójú.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí máílì. 87,000 lórí mọ́tò ọdún 16, kò ju nǹkan bí 5,400 lọ lọ́dún kan. Àwa máa ń ka 12,000 lọ́dún sí ìrìn tó bójú mu. Ó lè jẹ́ òótọ́ o, bí àpẹẹrẹ tó bá jẹ́ mọ́tò ìyá arúgbó tí kì í lọ ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo rọ́bà ẹsẹ̀ búréèkì. Tó bá ti jẹ dé irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, tí awọ ìwakọ̀ sì ti ń yọ̀ tó ń dán bí ọwọ́ ṣe ń dì í mú, 87,000 kọ́.

Ìyá Tèmi Ìkẹ́rẹ́
Rọ́bà yẹn ti jẹ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe màgòmágó. Lọ́dún 2022 iná dáṣíbọ́ọ̀dù kú pátápátá, n kì í rí ibi tí epo wà mọ́, rìwáyà kan ní kò ṣeé tún ṣe, ó bá mi ra mítà tòkúńbọ̀, ó fi í síbẹ̀. Iye tó wà lórí ìyẹn ló ń kà bọ̀. Mo rò pé iye tó bá ti wà níbẹ̀ náà ni máílì mọ́tò.

Anti Fúnkẹ́ Ọ̀yẹ́
Háà! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lókè pátápátá nìyí.

Bọ̀dá Ṣíkírù Bàsírì
Inú mítà yẹn gan-an ni Tòyótà máa ń tọ́jú iye máílì sí, torí náà tí wọ́n bá gbé mítà ẹlòmíràn síbẹ̀, ìrìn mọ́tò ẹlòmíràn lẹ̀ ń rí. Ṣé ẹ ní káàdì tí àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì máa ń kọ máílì sí? Èyí tó ṣáájú kí wọ́n tó pààrọ̀ mítà àti èyí tó tẹ̀lé e.

Ìyá Tèmi Ìkẹ́rẹ́
Mo rí i nínú pígíọ̀nù ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Èyí tó ṣáájú, 131,000. Èyí tó tẹ̀lé e, 62,000. Gíà náà, tó bá ti gbóná ó máa ń já mi tó bá ń kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èjì, díẹ̀ ni ṣá. Éésì ò tutù mọ́, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ni wọ́n ní ó kú.

Bọ̀dá Ṣíkírù Bàsírì
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Láti 62,000 dé 87,000, 25,000 lẹ ti rìn. Ẹ fi lé 131,000, ó di 156,000. Mọ́tò yín nìyẹn, kò sì burú rárá fún ọdún 16, torí 12,000 lọ́dún ì bá ti gbé e dé 192,000. Òótọ́ yìí ò ní gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní 87,000, tí mẹkáníìkì ẹni tó fẹ́ rà á wá tẹ rọ́bà búréèkì yẹn, kò ní gba ọ̀rọ̀ míràn tẹ́ ẹ bá sọ gbọ́ mọ́, títí kan ti ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ òótọ́.

Kòrólà 2009 àti 2010 tí mo mọ̀ pé wọ́n tà ní Adó láìpẹ́, ọ̀kan lọ ní ₦5,600,000, ọ̀kan ní ₦5,300,000, máílì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti yín dọ́gba, gíà dáa, éésì ń tutù. Ẹ jẹ́ ká fi ₦5,400,000 bẹ̀rẹ̀. Gíà tòkúńbọ̀ pẹ̀lú owó iṣẹ́, nǹkan bí ₦480,000, ẹni tó ń rà á á sì yọ ₦100,000 lé e nítorí ewu, torí gíà tòkúńbọ̀ lè má dáa. ₦4,820,000 ló kù. Éésì, ₦120,000, ó di ₦4,700,000. Táyà tuntun, ẹ lè rí ₦100,000 lórí ẹ̀ torí ẹni náà ò ní ra táyà fún ìgbà díẹ̀. Mítà tí wọ́n pààrọ̀, á tún gba ₦100,000 yẹn padà kódà pẹ̀lú káàdì. ₦4,700,000 nìyẹn.

Ìyá Tèmi Ìkẹ́rẹ́
Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Ràdíétọ̀ ńkọ́? Owó mi ni o!

Bọ̀dá Ṣíkírù Bàsírì
Àwọn ₦5,300,000 àti ₦5,600,000 yẹn, ṣọ́ọ̀kì wọn dáa, ràdíétọ̀ wọn ò jò. Ohun tẹ́ ẹ ná ló jẹ́ kí tiyín bá wọn dọ́gba, tẹ́ ẹ ò bá ná an, à bá tún yọ ọ́ ni. Ọ̀dà tuntun sì lè dá wàhálà sílẹ̀, ẹni tó bá rí ọ̀dà tuntun lára mọ́tò àtijọ́ á kọ́kọ́ bèèrè pé ibo ló ti forí sọ.

Ìyá Tèmi Ìkẹ́rẹ́
Kò forí sọ nǹkan kan, òòrùn ló jẹ ọ̀dà orí ẹ̀.

Dọ́típẹ̀
Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tún un kùn? Mo gbà pé ìṣirò mi ò bá a mu, ṣùgbọ́n ẹ tún gíà yẹn ṣe kẹ́ ẹ tó tà á. Ẹ ná ₦480,000, ẹ gba ₦580,000.

Ọmọ Ìjerò
Irọ́ ni! Gíà tòkúńbọ̀ tí mo fi sínú Siẹ́nà yẹn, kò pé oṣù kan tó fi dákẹ́. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ìyá yìí, ₦480,000 ti lọ, gíà ò sì dáa. Kí wọ́n tà á bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́.

Dọ́típẹ̀
Tìrẹ ò túmọ̀ sí pé ti gbogbo èèyàn ni.

Ìyá Tèmi Ìkẹ́rẹ́
Mo ní fọ́tò. Mo ti fi káàdì méjèèjì ránṣẹ́ sí ọkọ mi kékeré, mo ní ₦5,000,000, ó ní òun ń mú mẹkáníìkì òun bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mẹkáníìkì tèmi ní kí n da ọ́ìlì gíà tuntun sí i kí wọ́n tó dé kó lè rọ̀.

Bọ̀dá Ṣíkírù Bàsírì
Ẹ má ṣe é. Ọ́ìlì tí kì í ṣe WS, irú ọ́ìlì gíà tí Tòyótà ní kí wọ́n máa lò, lè mú kó burú sí i lójú wọn, tó bá tiẹ̀ jẹ́ WS náà, gíà tó ti ń já lè má yí padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà á gba Àrámọkọ lọ gun òkè Ẹ̀fọ̀n, tó bá já níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ti sọ ni wọ́n rí. ₦5,000,000 dáa láti bẹ̀rẹ̀, ẹ má lọ sílẹ̀ ju ₦4,600,000 lọ. Kí ó san gbogbo owó kó tó gba kọ́kọ́rọ́.