Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: "Creator" tàbí "Business", èwo ni kí n mú?

Ìyá Ìbejì, Kúbwà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gèlè ni mo ń wé fún àwọn ìyàwó tuntun, mo sì ń ta aṣọ òkè láti inú ilé. Àkáǹtì ara ẹni lásán ni mo ní lórí Ínsítágíráàmù, mo sì tì í pa torí fọ́tò àwọn ọmọ mi tó wà níbẹ̀. Oníbàárà kan ní kí n yí i padà kí n lè máa rí iye èèyàn tó ń wo fídíò mi, kí n sì lè sanwó ìpolówó. Mo dé ibẹ̀, wọ́n ní kí n mú ọ̀kan nínú "Creator" àti "Business". Èwo ni kí n mú? Bí kò bá sì tẹ́ mi lọ́rùn ńkọ́, ṣé mo lè padà?

Àbúrò, Máràbà
Mọ́mì, ẹ má dán "Business" wò o. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta bàtà ṣe é, ṣe ni iye àwọn tó ń wò ó já wálẹ̀. Wọ́n ń fi ọjà èèyàn pamọ́ ni, kó lè sanwó.

Alájà Aláṣọ, Kàdúná
Irọ́ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó. Gbogbo ọjà mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye owó wọn, ó sì máa ń dá oníbàárà lóhùn fúnra rẹ̀ bí mo bá ń kírun lọ́wọ́.

Bọ̀dá Oníkámẹ́rà, Gwárínpà
Alájà, ẹ kú ọjà o. Ti Wasáàpù lẹ ń sọ yẹn, ọ̀tọ̀ ni tiwọn.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Yálà "Creator" lẹ mú tàbí "Business", kò sí èyí tó ṣeé tì pa. Bí ẹ bá ti yí i báyìí, gbogbo ayé ló máa rí àwọn fọ́tò yẹn, àwọn tó sì ti ń bẹ̀bẹ̀ láti tẹ̀lé yín tí ẹ ò tíì dá lóhùn yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ fi àkáǹtì ilé sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ṣí òmíràn fún iṣẹ́; fóònù kan náà lè gba tó àkáǹtì márùn-ún.

Lórí tuntun yẹn, ẹ lọ sí "Account type and tools", kí ẹ tẹ "Switch to professional account". Tìtorí orin ni màá fi ní kí ẹ mú "Creator". Bí ẹ bá mú "Business", ọ̀pọ̀ orin àwọn gbajúmọ̀ tí ẹ fi ń gbé fídíò gèlè lárugẹ kò ní sí níbẹ̀ mọ́, àwọn orin ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló máa ṣẹ́kù. Ohun tí "Business" fi jù ú lọ fún irú iṣẹ́ yín kò pọ̀: ó máa ń jẹ́ kí èèyàn gbé àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù síta. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe tiyín nínú ilé, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Wọ́n á tún fi nọ́ńbà àti ímeèlì yín hàn yín pé ṣé kí àwọn gbé e síta. Bí nọ́ńbà ilé bá ni, ẹ tẹ "Don't use my contact info".

Ìyá Ìbejì, Kúbwà
Ẹ ṣeun gan-an, Bọ̀dá. Ìpolówó yẹn ńkọ́? Ṣé "Creator" náà lè sanwó ṣe é?

Bọ̀dá Oníkámẹ́rà, Gwárínpà
Ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n fídíò tí orin olórin bá wà nínú ẹ̀, wọn ò ní gbà á fún ìpolówó, bó ti wù kó dùn tó. Nítorí náà, fídíò tí ẹ máa náwó lé lórí, ohùn ara yín ni kí ẹ fi sí i. Ẹ máa ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń ká etí gèlè náà bí ẹ ṣe ń ká a. Àwọn tó kù, ẹ fi orin sí wọn.

Ẹ lè padà nígbàkigbà. Fọ́tò ò ní sọnù, àwọn tó ń tẹ̀lé yín ò sì ní lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá padà sí ti ara ẹni, àkọsílẹ̀ iye tó ń wò yín máa pa rẹ́. Ẹ ya fọ́tò ojú fóònù yín kí ẹ tó padà.

Àbúrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orin tí ẹ̀gbọ́n rẹ pàdánù ló dín èrò kù.

Àbúrò, Máràbà
Kì í lo orin o, Bọ̀dá. Bàtà nìkan ló máa ń yà.

Bọ̀dá Oníkámẹ́rà, Gwárínpà
Mi ò wá mọ ohun tó fà á nìyẹn. Ní kó fi àwòrán ibi "Insights" ránṣẹ́ ká jọ wò ó.

Alájà Aláṣọ, Kàdúná
Háà, Wasáàpù ni mo rò! Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹlòó ni ìdì aṣọ òkè yín?

Ìyá Ìbejì, Kúbwà
Alájà, mo ń bọ̀ nínú ínbọ́ọ̀sì yín. Bọ̀dá, mo ti ṣí tuntun náà, ó wá ń béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Kò sí ti gèlè níbẹ̀.

Bọ̀dá Oníkámẹ́rà, Gwárínpà
Ẹ mú èyí tó bá sún mọ́ ọn. Bí kò bá wù yín kó hàn lábẹ́ orúkọ, ẹ pa "Display on profile".